Kí Ẹ Tó Ṣàlàyé, Ẹ Bèèrè Padà

Ẹ kú ìjókòó o. Ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ lónìí ni bí a ṣe ń ṣàlàyé nǹkan fún ẹni tí a kò mọ̀ rí, tí kò sì sọ ohun kankan nípa ara rẹ̀. Bí mo ṣe ń wò yín yìí, mo rí nọ́ọ̀sì, mo rí olùkọ́, mo rí àwọn tó ń ṣe ètò ìlera lórí rédíò. Gbogbo yín lẹ mọ irú ìbéèrè tí mò ń sọ. N kò ní fẹ ọ̀rọ̀ lójú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni màá mú, a ó sì jọ tú u dé ìdí. Èmi, ìbéèrè nípa àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni mo máa ń dáhùn, ibẹ̀ ni màá sì ti mú àpẹẹrẹ mi. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé báyìí:

"Ẹ káàsán sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé jẹ́nótáìpù fún mi."

Ó tán síbẹ̀. Kò sọ bóyá ọmọ iléèwé lòun, bóyá abiyamọ, bóyá òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò. Kò sọ ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sọ ohun tó fẹ́ fi ìdáhùn ṣe. "Sà" tó fi kún un, ọ̀wọ̀ ni. Ìyẹn náà kò sọ nǹkan kan fún wa.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó lè wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn. Ó lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó, tí ìwé àyẹ̀wò tirẹ̀ àti ti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà lọ́wọ́, AS àti AS, tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Onítọ̀hún fẹ́ mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ. Kò wá ìtàn sẹ́ẹ̀lì wá. Ó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìdánwò lọ́la, tó mọ AA, AS àti SS bí ẹni mowó, àmọ́ tí kò yé e bí àyípadà bíńtín nínú jíìnì ṣe lè mú kí odidi sẹ́ẹ̀lì pupa tẹ̀ bíi dòjé. Ó lè jẹ́ ẹni tí àyẹ̀wò méjì fún ní èsì méjì. Ó sì lè jẹ́ ẹni tó ń pe ọ̀wọ́ ẹ̀jẹ̀ ní jẹ́nótáìpù, tó jẹ́ pé ohun tó ń wá gan-an ni bóyá òun tí òun jẹ́ O lè fún ẹ̀gbọ́n òun tó jẹ́ A lẹ́jẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa tẹ̀ sórí fóònù, ìdáhùn tí wọ́n ń wá kò sì bára tan rárá.

Kí la máa ń ṣe? A máa ń wá ibi àárín. A ó kọ ọ́ báyìí pé: "Jẹ́nótáìpù ni irú jíìnì tí èèyàn jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀, èyí tó ń pinnu irú himogilóbìnì tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀. Àwọn tó wọ́pọ̀ ni AA, AS, SS, AC àti SC." Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Ẹ wá gbé e fún àwọn mẹ́rin yẹn. Ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó á kà á tán, àyà rẹ̀ á ṣì máa já, torí kò rí ọ̀rọ̀ ọmọ níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á ní òun ti mọ ìyẹn láti ọdún tó kọjá. Ẹni tó ní èsì méjì kò rí ohun tó máa dì mú. Ẹni tó ń bèèrè nípa ẹ̀jẹ̀ fífúnni á máa wá lẹ́tà O rẹ̀ láàárín àwọn lẹ́tà yẹn, á sì gbà pé a kàn gbàgbé rẹ̀ ni. A ti kọ̀wé, a ti tẹ̀ ẹ́ lọ, ọkàn wa ti balẹ̀ pé a ti dáhùn, síbẹ̀ kò sí ẹnì kan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó rí nǹkan mú lọ.

Ìdí tí ọkàn wa fi ń balẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti wádìí rẹ̀. Ní 1990, Elizabeth Newton, tó ń ṣe ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Stanford, ní kí àwọn kan máa fi ìka lu orí tábìlì, kí wọ́n máa lu orin tí gbogbo ayé mọ̀, kí àwọn mìíràn sì fetí sí i, kí wọ́n dá orin náà mọ̀. Ó kọ́kọ́ bi àwọn tó ń lù ú pé mélòó ni wọ́n rò pé àwọn olùgbọ́ á mọ̀. Wọ́n ní ìdajì. Nínú orin 120 tí wọ́n lù, mẹ́ta péré ni àwọn olùgbọ́ dá mọ̀. Bí ẹni tó ń lù ú ṣe ń lù ú ni orin náà ń dún nínú orí rẹ̀, tohùn-tọ̀rọ̀. Kò-kò-kò lásán lẹni kejì ń gbọ́, ẹni tó ń lù ú kò sì lè fojú inú wo bí ó ṣe ń rí kí èèyàn má gbọ́ orin yẹn. Bí mo bá kọ "himogilóbìnì" ránṣẹ́ sí ẹnì kan, orin ń dún létí tèmi.

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ a di odidi. Òótọ́ ni, láàárín àwọn tí ààbọ̀ kejì ti wà nínú wọn tẹ́lẹ̀. Àjèjì tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa, a kò mọ èyí tó wà nínú tirẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀, àfi kó bèèrè.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè ju ìbéèrè lọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ mẹ́ta tí kò ṣiṣẹ́, torí àwọn ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu.

Èyí àkọ́kọ́ ni "Ìwé mélòó lẹ kà?" tàbí ohun tó jọ ọ́. Yàtọ̀ sí pé ó ń bu èèyàn kù, kò sọ ohun tí a fẹ́ mọ̀. Agbẹjọ́rò tó gba oyè mẹ́ta lè má tíì gbọ́ pé èèyàn lè jẹ́ SC. Ìyá tí kò kàwé, tó ti ń tọ́ ọmọ SS fún ọdún mẹ́wàá, mọ ohun tó ń fa ìrora egungun sí i lára ọmọ rẹ̀ ju dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ: òtútù, òùngbẹ, ibà, àárẹ̀. Bí a bá ń wá ibi tí èèyàn dúró, lórí ọ̀rọ̀ yìí pàtó la ti ń wá a. Àní ẹnì kan náà lè wà lókè nípa ìtọ́jú, kó sì wà nísàlẹ̀ pátápátá nípa bí àrùn náà ṣe ń wọ inú ẹbí.

Èkejì ni "Kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ mọ̀?" Ẹ fi ara yín sípò ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ fẹ́ dàrú nítorí lẹ́tà méjì. Ìbéèrè yẹn á dún létí rẹ̀ bí ìgbà tí ọlọ́pàá ń wádìí ọ̀rọ̀. Á parọ́, tàbí kó má dáhùn mọ́.

Ẹ̀kẹta ni "Ṣé ẹ mọ ohun tí himogilóbìnì jẹ́?" Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni èsì rẹ̀, ojú sì máa ń tini láti sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Èèyàn á ní bẹ́ẹ̀ ni, á wá máa dọ́gbọ́n tẹ̀ lé wa.

Àwọn tó ti ronú jù lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe dókítà. Àwọn olùtọ́jú ilé-ìkàwé ni, torí pé láti àárọ̀ dalẹ́ ni àjèjì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú ìbéèrè tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Ní 1986, Brenda Dervin àti Patricia Dewdney kọ̀wé fún wọn nípa irú ìbéèrè kan tí kò ti alábèèrè síbì kankan. Ohun mẹ́ta ni ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń wá: kí ló ń ṣẹlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà fi jẹ yọ, ibo ló ti há, kí ni ìdáhùn máa bá a ṣe. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé alábèèrè ló máa yan ohun tó fẹ́ sọ. Bí ó bá fẹ́ dárúkọ àfẹ́sọ́nà, ó kù sí i lọ́wọ́. Bí ó bá ní ìdánwò lòun ní, ìyẹn náà ti tó wa.

Èsì tí mo fi ránṣẹ́ nìyí: "Ẹ káàsán o. Màá ṣàlàyé rẹ̀ fún yín dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò díẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹ máa ka ohun tí kò kàn yín. Kí ló ṣẹlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù fi délẹ̀, kí lẹ sì fẹ́ fi àlàyé náà ṣe?"

Ẹ kíyè sí i pé mo ti ṣèlérí kí n tó bèèrè. Ẹni tó bá bèèrè nǹkan tí wọ́n sì fi ìbéèrè dá a lóhùn máa ń rò pé wọ́n ń tì í sẹ́yìn. Mo sì sọ ìdí tí mo fi ń bèèrè, kó má bàa dà bíi pé mò ń tọpinpin.

Obìnrin náà dáhùn pé: "Ẹ ṣé sà. AS ni èmi àti ọkọ mi, a ò tètè mọ̀. Àkọ́bí wa jẹ́ SS, ó ti pé ọdún mẹ́ta. A tún fẹ́ bímọ. Dókítà ti sọ fún wa pé ọ̀kan nínú mẹ́rin ni, mo kàn fẹ́ kó yé mi sí i ni."

Ìwọ̀nba gbólóhùn yẹn ti sọ ohun púpọ̀. Ó mọ ohun tí AS àti SS jẹ́, a kò ní padà sí i. Ó ti rí àrùn náà lójúkojú fún ọdún mẹ́ta, kò yẹ kí a máa ṣàlàyé ìrora fún un. Ìpinnu ló fẹ́ ṣe, nítorí náà ọ̀rọ̀ oyún tó ń bọ̀ ló yẹ kí àlàyé wa dá lé. Bí mo bá dúró síbẹ̀, màá kọ ohun tó dára ju ìdáhùn àárín lọ fíìfíì. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó mọṣẹ́ sì máa ń dúró síbẹ̀.

Èmi kì í dúró, torí "ọ̀kan nínú mẹ́rin" yẹn. Ó ti gbọ́ ọ, ó rántí rẹ̀, ó sọ ọ́ bó ṣe yẹ. A kò tíì mọ ohun tó gbà pé ó túmọ̀ sí, òun fúnra rẹ̀ sì lè má mọ̀ pé òun kò mọ̀. Leonid Rozenblit àti Frank Keil gbé ìwádìí kan jáde ní 2002: wọ́n ní kí àwọn èèyàn sọ bí àwọn nǹkan bíi síìpù aṣọ ṣe yé wọn tó. Wọ́n fún ara wọn ní máàkì tó ga. Àwọn olùwádìí wá ní kí wọ́n ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn fúnra wọn já máàkì wọn wálẹ̀. Nítorí náà, bíbi ẹnì kan pé "báwo ló ṣe yé yín tó?" kò tó. Kí a fún un ní ohun kan láti fi òye náà ṣe ló kù.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù fún èyí ni kí ẹni náà sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Mo kọ sí i pé: "Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Dókítà yín sọ òótọ́. Kí n lè mọ ibi tí màá ti mú un: ní báyìí tí àkọ́bí ti jẹ́ SS, kí lẹ rò pé ó lè ṣẹlẹ̀ sí èyí tó ń bọ̀? Bí ó bá ṣe rí lọ́kàn yín ni kẹ́ ẹ sọ ọ́, kò sí èyí tó burú."

Ó ní: "Ohun tí mo rò ni pé ọ̀kan yẹn ti jáde. Àwọn mẹ́ta tó kù á bọ́."

Òun nìyẹn. Bí a bá ti kọ ojú ewé mẹ́wàá nípa jẹ́nótáìpù ránṣẹ́ sí i, tí a tún fi "ọ̀kan nínú mẹ́rin" sí i nígbà ogún, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ á máa fún èrò yẹn lágbára. Ó sì fẹ́ fi èrò yẹn lóyún.

Ohun tó mú kí ìbéèrè yìí dára ni pé oríṣiríṣi èsì ló lè ti ọ̀dọ̀ èèyàn jáde, èsì kọ̀ọ̀kan sì ń tọ́ka sí ibi tó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní ó sọ pé "SS náà ni yóò jẹ́", ó túmọ̀ sí pé ó rò pé èso kan ṣoṣo ni òun àti ọkọ rẹ̀ lè so. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò tíì mọ̀ pé jíìnì méjì lòun ní, ọ̀kan péré ló sì ń fún ọmọ. Ká ní ó sọ pé "ó dọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá lágbára jù nínú àwa méjèèjì", ó rò pé ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ti ìyá ń jà ni, tàbí pé wọ́n ń dà pọ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá la ti máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí a tó dárúkọ nọ́ńbà kankan. Ká ní ó sọ pé "ọ̀kan nínú mẹ́rin náà ni, bíi ti àkọ́kọ́", ọ̀rọ̀ yìí ti yé e, nǹkan mìíràn ló ń wá, ó sì yẹ ká bi í ní nǹkan mìíràn náà. "Kò yé mi o" náà jẹ́ èsì gidi. Ìbéèrè tí èsì tó dáa àti èyí tí kò dáa máa mú kí a kọ ohun kan náà, ẹ má wulẹ̀ bi í; ẹ kàn ń fi àkókò alábèèrè ṣòfò ni.

Ó kù kí n ṣàlàyé wàyí. Ẹ jẹ́ kí n ka ohun tí mo kọ, torí ẹ ó rí i pé ó kúrú, ó sì fo ọ̀pọ̀ nǹkan.

"Jíìnì méjì lẹ ní, A kan, S kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ yín. Nígbàkigbà tí oyún bá dúró, ẹ̀ ń fún ọmọ ní ọ̀kan, òun náà ń fún un ní ọ̀kan. Ẹ wò ó bí ìgbà tí ẹ̀yin méjèèjì bá ju owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan sókè: ojú kan jẹ́ A, ojú kejì jẹ́ S. Kí méjèèjì jẹ́ A, ọ̀kan nínú mẹ́rin, AA nìyẹn. Kí ọ̀kan jẹ́ A kí ìkejì jẹ́ S, méjì nínú mẹ́rin, AS bíi tiyín. Kí méjèèjì jẹ́ S, ọ̀kan nínú mẹ́rin, SS. Nígbà tí ẹ lóyún àkọ́bí, ẹ ju owó yẹn, S méjì ló bọ́ sílẹ̀. Tí ẹ bá tún lóyún, ẹ ó tún un jù látìbẹ̀rẹ̀. Owó kò mọ ohun tó bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fún èyí tó ń bọ̀, ọ̀kan nínú mẹ́rin náà ló ṣì jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni fún èyí tó bá tẹ̀ lé e."

Mo fi nǹkan kan kún un, torí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ "mẹ́rin" yẹn le púpọ̀ láti yọ kúrò lórí. Mo ní kó fojú inú wo 100 tọkọtaya tí wọ́n jẹ́ AS àti AS, tí ìkọ̀ọ̀kan wọn bí ọmọ mẹ́rin. Bí a bá ṣírò rẹ̀, nǹkan bíi 32 nínú wọn kò ní bí SS kankan. Nǹkan bíi 42 á bí ẹyọ kan. Àwọn bíi 26 tó kù á bí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye tó bí ẹyọ kan gan-an kò tó ìdajì. Bí "ọ̀kan nínú mẹ́rin" bá jẹ́ ìpín tí wọ́n ti pín sílẹ̀ ni, gbogbo 100 náà ni ì bá bí ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo ohun tí n kò sọ. N kò sọ himogilóbìnì. N kò sọ sẹ́ẹ̀lì. N kò tilẹ̀ sọ AC àti SC. Àwọn nǹkan yẹn kò ní yí ohun tó fẹ́ ṣe padà.

Lẹ́yìn àlàyé, a tún gbọ́dọ̀ wádìí bóyá ó wọlé, ìbéèrè tí gbogbo wa sì ń bi èèyàn níbẹ̀ ni "Ṣé ó ti yé yín?" Ó ti yé wa, sà. Èsì tí a ti ń fún olùkọ́ láti kékeré ni. Àwọn nọ́ọ̀sì tó wà níbí mọ ọ̀nà tó dáa jù ú lọ, wọ́n máa ń ní kí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí ó ṣe máa lo oògùn. Ohun tí mo ṣe náà nìyẹn: "Tí ọkọ yín bá dé, tó bi yín pé kí ni mo sọ, báwo lẹ ṣe máa sọ ọ́ fún un?" Ó kọ ọ́ pé: "Màá ní àkọ́bí wa kò gba ìyà àwọn àbúrò rẹ̀ jẹ. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ewu tirẹ̀." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára ju tèmi lọ, èmi náà ti ń lò ó látìgbà yẹn.

Ó wá bèèrè ìbéèrè kejì, èyí tí kì bá tí jáde láé ká ní mo fún un ní ìdáhùn àárín: "Ṣé kò sí bí wọ́n ṣe lè mọ̀ nínú oyún?" Ó wà. Dókítà lè mú díẹ̀ nínú ara ibi ọmọ, láti bí ọ̀sẹ̀ 11 sí 14, tàbí omi inú ilé ọmọ láti ọ̀sẹ̀ 15, kí wọ́n fi wo jíìnì ọmọ náà. Ó ní ewu díẹ̀ fún oyún, èyí sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí òun àti ọkọ rẹ̀ máa jókòó bá dókítà wọn sọ kí oyún tó dé. Ẹni tó gbà pé àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́ kò ní rí ìdí tí òun fi máa bèèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká pààrọ̀ alábèèrè. Ìbéèrè mi àkọ́kọ́ kan náà, ẹlòmíràn dáhùn pé: "Sà, ìdánwò bàọ́lọ́jì ni. Mo mọ̀ pé fálíìnì gba ipò gilutámíìkì ásíìdì, kò wá yé mi ìdí tí ìyẹn fi ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́." Òye rẹ̀ ti yọ nínú ọ̀rọ̀ tó lò, kò sídìí láti fi ìbéèrè kejì dán an wò. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ owó ẹyọ fún un, mo ti dá a padà sẹ́yìn, ibi tó há gan-an á sì sọnù sáàárín ohun tó ti mọ̀. Gbólóhùn mélòó kan ló nílò: ní ipò kẹfà lára okùn bẹ́tà himogilóbìnì, ohun tó fẹ́ràn omi ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, fálíìnì tó gba ipò rẹ̀ ń sá fún omi. Nígbà tí himogilóbìnì náà bá ti tú ọ́síjìn rẹ̀ sílẹ̀, fálíìnì yìí á rọra wọ inú kòtò kékeré kan lára himogilóbìnì mìíràn, ìyẹn á tún lẹ̀ mọ́ òmíràn, títí wọ́n á fi di okùn gígùn tó le gbọnrangandan, tó ń ti sẹ́ẹ̀lì látinú. Ó parí. Bí n bá sọ èyí fún ìyá yẹn, ẹ̀rù nìkan ni màá dá bà á.

Ẹni tó ní ìwé àyẹ̀wò méjì ńkọ́? Òun, ìbéèrè tó yẹ ká bi í ni "Kí ni wọ́n kọ sórí ìwé kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ wo ni wọ́n sì ṣe é?" Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń po ẹ̀jẹ̀ mọ́ kẹ́míkà, tí wọ́n á wò ó bóyá ó dà rú. Gbogbo ohun tó lè sọ ni pé S wà níbẹ̀. Kò lè ya AS sọ́tọ̀ kúrò lára SS, kò sì ṣeé gbára lé fún ọmọ tuntun, torí himogilóbìnì tó pọ̀ jù lára wọn nígbà yẹn yàtọ̀ sí tàgbà. Àyẹ̀wò mìíràn wà tó ń ya oríṣi himogilóbìnì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwé méjì yẹn lè má takora rárá. Ó sì tún lè jẹ́ pé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí onítọ̀hún lára ní oṣù kan ṣáájú, tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n yẹ̀ wò díẹ̀. Ẹ rí i pé òye rẹ̀ kọ́ ni ohun tí a ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀, ìwé ọwọ́ rẹ̀ ni.

Ẹ má bèèrè jù ṣá o. Tí mo bá ti bi èèyàn ní nǹkan méjì, mo ti gbọ́dọ̀ fún un ní nǹkan kan kí n tó bi í ní ẹ̀kẹta. Tó bá sì dákẹ́, tí kò fèsì sí ìbéèrè mi àkọ́kọ́, n kì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Màá kọ ìdáhùn kúkúrú, màá sọ ẹni tí mo kọ ọ́ fún: "Tó bá jẹ́ pé nítorí ọmọ bíbí lẹ ṣe ń bèèrè, èyí ló kàn yín. Tó bá jẹ́ nǹkan mìíràn, ẹ sọ fún mi." Lọ́pọ̀ ìgbà, gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ń mú kí wọ́n sọ̀rọ̀.

Ìgbà kan sì wà tí kò yẹ kí a bi wọ́n ní ohunkóhun rárá. Tí ẹnì kan bá kọ̀wé pé "Ẹ ṣàlàyé SS fún mi, ọmọ mi jẹ́ ẹ, ara rẹ̀ ń gbóná gan-an", ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà fún ọ̀jọ̀gbọ́n àti fún ẹni tí kò kàwé: ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nísinsìnyí. Ibà lára ọmọ SS lè jẹ́ àkóràn inú ẹ̀jẹ̀, kì í sì í dúró de àlàyé.

Ẹ̀yin ará rédíò, mo mọ ohun tí ẹ ń rò: ta lẹ máa bi? Ẹ kò rí olùgbọ́ yín. Ẹ lè gbé ìbéèrè náà síwájú ètò, kí àlàyé tó bẹ̀rẹ̀: "Bàbá AS, ìyá AS, àkọ́bí SS. Èkejì ńkọ́?" Ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí olùgbọ́ fọkàn dáhùn. Ẹ wá sọ pé ẹni tó bá ní àwọn tó kù ti bọ́, kó dúró, tirẹ̀ la fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀jẹ̀ tó lágbára jù ni yóò borí, tirẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn orin. Tí ẹ bá sì gba ìpè, ẹ má bi olùpè pé ṣé ó gbádùn ètò náà. Ẹ bi í pé kí ni ìdáhùn tirẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán kí ẹ tó dá a lóhùn.